Owó Àmúrelé: Àyè Owó Iléèwé Ọmọ Nínú Ìwé Ọjà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀ máa ń kún jù lọ. Àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Òṣòdì, Òkòtá àti Àjàó máa ń lọ síbẹ̀ láti wá ọjà tí wọn yóò tún tà. Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo fóònù ọ̀kan nínú wọn lálẹ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ₦300,000 ti jáde lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ta béèlì aṣọ ọmọdé fún un. Ní ọ̀sán, ₦250,000 lọ sí iléèwé àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ₦7,000 lọ sọ́dọ̀ aláta àti ẹlẹ́ja. Inú àkáùntì kan ṣoṣo, èyí tó ń jẹ́ orúkọ ìṣòwò rẹ̀, ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jáde. Báńkì kò mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn. Ojú ìlà kan náà ló kọ wọ́n sí, ìlà owó tó jáde, ó sì yọ wọ́n kúrò nínú ohun tó ṣẹ́ kù. Ẹni tó ni ọjà nìkan ló mọ̀ pé èyí àkọ́kọ́ di ọjà nínú ṣọ́ọ̀bù, pé èkejì di ẹ̀kọ́ lórí àwọn ọmọ, àti pé ẹ̀kẹta di ọbẹ̀ nínú ìkòkò. Bí kò bá kọ ìmọ̀ yẹn sílẹ̀, yóò gbàgbé rẹ̀ kí oṣù tó parí, ìwé báńkì rẹ̀ yóò sì di òkìtì owó tí ẹnikẹ́ni kò lè túmọ̀ mọ́, títí kan òun fúnra rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí oníṣòwò aládàáni san owó iléèwé láti inú àkáùntì ọjà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìnáwó ọjà náà. Owó àmúrelé ni. Èyí ni orúkọ tí n ó máa lò fún ohunkóhun tí olójà bá mú kúrò nínú ọjà rẹ̀ fún ara rẹ̀ tàbí fún ìdílé rẹ̀, ì báà jẹ́ owó, ì báà jẹ́ ọjà gan-an. Ìnáwó ọjà ni èyí tí a ná kí ọjà lè mú owó wọlé: owó ṣọ́ọ̀bù, owó ọkọ̀ tó kó ẹrù, owó oṣù ọmọ tó ń bá wa tà. Ìnáwó máa ń dín èrè kù. Owó àmúrelé kì í dín èrè kù rárá. Ojú owó ló ń dín kù. Àwọn àgbà oníṣòwò wa ti mọ ìyàtọ̀ yìí tipẹ́, torí wọ́n ní ọ̀rọ̀ fún méjèèjì. Wọ́n ní kéèyàn máa jẹ èrè, kó má jẹ ojú owó. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ náà kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ bí kò bá mọ iye tí èrè rẹ̀ jẹ́, kò sì lè mọ iye tí èrè jẹ́ bí owó ẹja bá wà nínú ìlà kan náà pẹ̀lú owó béèlì.

Àtakò àkọ́kọ́ tí èèyàn máa gbọ́ ni èyí: èmi ni mo ni ọjà, èmi náà ni mo ni owó, ta ni mo wá fẹ́ ya ara mi sọ́tọ̀ fún? Ní ti òfin, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Orúkọ ìṣòwò tí a fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC lábẹ́ òfin CAMA ti ọdún 2020 kò sọ ọjà di ẹni ọ̀tọ̀. Bí ọjà bá jẹ gbèsè, olówó lè tọ olójà dé ilé. Ti ilé-iṣẹ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ́ńpìnnì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni ọ̀tọ̀ ni òfin kà á sí, ẹni tó dá a sílẹ̀ kò sì lè kàn fa owó yọ níbẹ̀ bó ṣe wù ú. Níwọ̀n bí òfin kò ti ya oníṣòwò aládàáni sọ́tọ̀ kúrò lára ọjà rẹ̀, ìwé nìkan ló kù tó lè yà wọ́n. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tòní. Ní ọdún 1494, nígbà tí Luca Pacioli tẹ ìwé ìṣirò rẹ̀ jáde ní Venice, tó sì ṣàlàyé bí àwọn oníṣòwò ìlú náà ṣe ń kọ ìwé wọn, ó fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀ fún àkọsílẹ̀ ìnáwó ilé. Àwọn oníṣòwò tó ń kọ̀wé fún náà ló ni ọjà wọn; síbẹ̀ ó rí i pé ọjà àti ilé kò gbọdọ̀ jẹ́ ojú ìlà kan náà.

Ẹ jẹ́ ká fi oṣù kan ṣe àpẹẹrẹ, kí ọ̀rọ̀ náà má bàa dúró lórí ahọ́n lásán. Ká sọ pé oníṣòwò kan tó ń ta aṣọ ọmọdé ní Òṣòdì bẹ̀rẹ̀ oṣù pẹ̀lú ₦640,000 nínú àkáùntì àti ọjà tó rà ní ₦1,900,000 nínú ṣọ́ọ̀bù. Kò jẹ gbèsè, ẹnikẹ́ni kò sì jẹ ẹ́. Ojú owó rẹ̀ jẹ́ ₦2,540,000. Láàárín oṣù náà, ó ta ọjà ₦2,400,000, gbogbo rẹ̀ sì wọ báńkì. Ó fi ₦1,500,000 ra ọjà tuntun. Nígbà tí oṣù parí, ó ka ọjà tó kù, ó rí i pé iye tó rà wọ́n jẹ́ ₦1,850,000. Èyí túmọ̀ sí pé ọjà ₦1,550,000 ti kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù. Nínú rẹ̀, ó ti mú aṣọ tó rà ní ₦30,000 lọ fún àwọn ọmọ tirẹ̀, nítorí náà ọjà tó tà gan-an jẹ́ ₦1,520,000. Bí a bá yọ èyí kúrò nínú ₦2,400,000 tó pa wọlé, ₦880,000 ló kù. Ìnáwó ọjà rẹ̀ ni owó ṣọ́ọ̀bù, ₦60,000. Owó oṣù ọmọ ṣọ́ọ̀bù, ₦70,000. Owó ọkọ̀ àti alábàárù, ₦55,000. Iná ṣọ́ọ̀bù, ₦20,000. Ìpè orí fóònù nítorí ọjà, ₦12,000. Àti owó tí báńkì yọ, ₦3,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦220,000. Èrè oṣù náà, láìsí àríyànjiyàn, jẹ́ ₦660,000.

Ó ku ohun tó mú relé. Owó iléèwé jẹ́ ₦250,000, oúnjẹ ilé ₦180,000, owó ìyá àti aṣọ ẹbí ₦90,000, iná ilé àti tẹlifíṣọ̀n ₦32,000, ìpè fóònù ti ara rẹ̀ ₦8,000, àjọ ilé ₦80,000, àti ₦100,000 tó gbà lọ́wọ́ onípí-ó-ẹ́ẹ̀sì ní ìgbà mélòó kan. Àpapọ̀ owó tó jáde fún ilé jẹ́ ₦740,000. Bí a bá fi aṣọ ₦30,000 yẹn kún un, owó àmúrelé rẹ̀ jẹ́ ₦770,000. Ọjà mú èrè ₦660,000 wá, ilé sì jẹ ₦770,000. Ojú owó ti dín ní ₦110,000, ó ti di ₦2,430,000. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò láti ẹ̀yìn: ₦580,000 ló ṣẹ́ kù ní báńkì, ọjà ₦1,850,000 wà nínú ṣọ́ọ̀bù, méjèèjì papọ̀ sì jẹ́ ₦2,430,000 gẹ́lẹ́. Bí ọ̀nà méjèèjì bá pàdé báyìí, ìwé náà tọ́.

Ẹ wá wo ohun tí àṣìṣe máa ṣe sí oṣù kan náà. Bí ó bá da gbogbo owó ilé mọ́ ìnáwó ọjà, ìwé rẹ̀ yóò sọ pé ọjà ti pàdánù ₦110,000. Yóò máa sọ fún àwọn èèyàn pé ọjà ò lọ, bóyá yóò tilẹ̀ lé ọmọ tó ń bá a tà lọ kí ó lè dín ìnáwó kù, nígbà tó jẹ́ pé ọjà náà ń mú èrè tó dára wá. Oògùn tó lò kò kan àìsàn tó ń ṣe é. Bí ó bá ṣe èkejì, tí kò kọ owó ilé rárá, ìwé rẹ̀ yóò sọ pé ₦1,320,000 ló yẹ kó wà ní báńkì, báńkì yóò sì sọ pé ₦580,000 ni. ₦740,000 ti pòórá láìní orúkọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó wà ní ipò yìí kì í kọ ìwé rárá. Báńkì ni wọ́n fi ń wọn ọjà. Báńkì oníṣòwò inú àpẹẹrẹ wa wá láti ₦640,000 sí ₦580,000, yóò sì rò pé ₦60,000 péré ni òun fi rẹlẹ̀. Kò rí i pé ọjà inú ṣọ́ọ̀bù náà ti dín ní ₦50,000. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí oṣù mẹ́wàá bá rí báyìí, ₦1,100,000 ti lọ nínú ojú owó, kò sì ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí kò ní lè ra iye béèlì tó máa ń rà tẹ́lẹ̀.

Bí a ṣe ń kọ ọ́ kò le. Ẹni tó ń lo ìwé lásán lè fa ìlà sí ojú ewé báyìí: ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, owó tó wọlé, lẹ́yìn náà ojú mẹ́ta fún owó tó jáde, ìyẹn ọjà tí a rà, ìnáwó ọjà, àti àmúrelé. Gbogbo owó tó bá jáde ní báńkì gbọ́dọ̀ bọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn ojú mẹ́ta yìí. Ní òpin oṣù, àpapọ̀ ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bá àpapọ̀ owó tó jáde nínú ìwé báńkì mu, ní kọ́bọ̀ sí kọ́bọ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, ₦1,500,000, ₦220,000 àti ₦740,000 jẹ́ ₦2,460,000, iye yẹn náà ni báńkì gbọ́dọ̀ fi hàn. Ẹni tó ń kọ ìwé olójú méjì yóò kọ ₦250,000 owó iléèwé sí apá òsì àkọsílẹ̀ àmúrelé, yóò sì kọ iye kan náà sí apá ọ̀tún àkọsílẹ̀ báńkì. Kò gbọ̀dọ̀ fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ ìnáwó. Nígbà tí ọdún bá parí, ó máa pa àkọsílẹ̀ àmúrelé dé, inú ojú owó ló sì máa yọ àpapọ̀ rẹ̀ kúrò, kì í ṣe inú èrè. Ọjà tó mú lọ sílé kò kọjá ní báńkì ní tirẹ̀. Iye tó rà á ni yóò kọ sí àmúrelé, yóò sì yọ iye kan náà kúrò nínú ọjà tó rà.

Ibi tí ọgbọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ni àwọn ìnáwó tó ń gbé ojú méjì. Owó ọkọ̀ láti ilé sí ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ti ara ẹni, torí pé ibi tí olójà yàn láti máa gbé ló fa á; owó ọkọ̀ láti Òṣòdì lọ sí Aswani láti kó ọjà jẹ́ ti ọjà. Oúnjẹ ọ̀sán olójà fúnra rẹ̀ jẹ́ àmúrelé, nítorí pé yóò jẹun bí kò tilẹ̀ sí ọjà. Oúnjẹ tó ń rà fún ọmọ ṣọ́ọ̀bù gẹ́gẹ́ bí ara ohun tí wọ́n jọ ṣàdéhùn jẹ́ ìnáwó. Fóònù kan ṣoṣo tí à ń fi pe oníbàárà tí à ń fi pe ẹ̀gbọ́n gbọ́dọ̀ ní ìpín. Kí olójà wo ìpè ọ̀sẹ̀ méjì, kó rí apá tó jẹ́ ti ọjà, kó sì lo ìpín yẹn ní oṣooṣù láìyí i padà nítorí pé èrè oṣù kan kéré. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ₦20,000 ló jẹ́ ti ọjà. Èyí tó máa ń fa àríyànjiyàn jù ni aṣọ ẹbí oníbàárà. Olójà á ní bí òun ò bá ra aṣọ náà, oníbàárà yóò bínú, nítorí náà ọjà ló ra á. Ṣùgbọ́n òun ló wọ aṣọ, òun ló jẹun níbi òde, òun náà ni yóò tún wọ aṣọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa kì í ṣe bóyá ọjà jàǹfààní níbẹ̀, bí kò ṣe bóyá ọjà nìkan ló jàǹfààní. Aṣọ ẹbí kì í yege ìbéèrè yìí.

Àjọ náà fẹ́ àlàyé, torí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọlọ́jà wa, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ ní ìkọkúkọ. Bí àjọ bá jẹ́ ti ilé, tí wọ́n ń dá a kí wọ́n lè fi san owó ilé tàbí ra fíríìjì, owó àmúrelé ni láti ọjọ́ tó ti jáde. Bí ó bá jẹ́ àjọ tí ọjà yóò fi ra béèlì, kò tíì kúrò lọ́wọ́ ọjà. Ọjà ló ṣì ni ín, ọwọ́ olórí àjọ ló kàn wà, ó sì yẹ ká kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí owó tí wọ́n jẹ ọjà. Ní ìdàkejì, bí olójà bá kó àjọ ilé, tó sì san án padà sínú àkáùntì ọjà, tàbí tí ọkọ rẹ̀ bá fi ₦200,000 ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀, kì í ṣe owó ọjà tó tà. Owó tí olójà fi kún ojú owó ni. Ẹni tó bá kọ irú owó bẹ́ẹ̀ mọ́ ọjà tó tà ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun jèrè ohun tí òun kò jèrè, yóò sì san owó-orí lé e lórí.

Àwọn kan á sọ pé àkáùntì méjì ló yanjú gbogbo rẹ̀: kí ọjà ní tirẹ̀, kí olójà ní tirẹ̀, kí a fi owó kan ránṣẹ́ láti èyí sí èyí ní ọjọ́ Ẹtì. Mo fara mọ́ ọn, torí pé ó sọ ogójì àkọsílẹ̀ di mẹ́rin lóṣù. Ṣùgbọ́n owó tí a fi ránṣẹ́ yẹn ṣì jẹ́ àmúrelé tó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, àkáùntì kejì kò sì rí aṣọ tí a mú lórí ìkọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò rí owó ọwọ́ tí oníbàárà san tí a sì fi ra búrẹ́dì kó tó dé báńkì. Àwọn mìíràn á ní owó oṣù àwọn ni. Àwọn ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ó yẹ kí ọjà sanwó fún àwọn. Èrò tó dára ni láti bu iye kan fún ara ẹni kí ilé má bàa jẹ ju èyí tí ọjà lè gbé. Bí oníṣòwò inú àpẹẹrẹ wa bá ti fi òpin sí ₦550,000, ₦110,000 ìbá ti kún ojú owó rẹ̀ dípò kó dín. Síbẹ̀ èèyàn kò lè gba ara rẹ̀ síṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú èrè. Èrè ni owó oṣù rẹ̀. Bó bá kọ ọ́ sí ìnáwó, ó ti fi orúkọ pamọ́ ohun kan náà.

Kò sí ibi tí orúkọ yìí ti ń jà bíi níwájú LIRS, àjọ tó ń gba owó-orí Ìpínlẹ̀ Èkó. Oníṣòwò aládàáni gbọ́dọ̀ fi àkọsílẹ̀ ohun tó wọlé fún un ránṣẹ́ kó tó di òpin oṣù kẹta ọdún. Òfin owó-orí wa gbà kí a yọ ìnáwó tó jẹ́ ti ọjà nìkan ṣoṣo, kò sì gbà kí a yọ ìnáwó ilé tàbí ti ara ẹni. Nítorí náà, mímú owó relé kò dín owó-orí kù, kò sì fi kún un. Orí èrè ni wọ́n ń bù ú. Bí gbogbo oṣù bá rí bíi ti àpẹẹrẹ wa, èrè ọdún jẹ́ ₦7,920,000. Lábẹ́ òfin owó-orí tuntun tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, wọn kò gba nǹkan kan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. Wọ́n ń gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, èyí jẹ́ ₦330,000. Wọ́n ń gba méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún lórí ₦4,920,000 tó kù, èyí jẹ́ ₦885,600. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,215,600. Ẹni tó da owó ilé mọ́ ìnáwó yóò sọ pé òun pàdánù, ṣùgbọ́n ìwé báńkì rẹ̀ ń sọ pé ₦28,800,000 wọlé lọ́dún. Bí ìwé kò bá ṣeé gbà gbọ́, òfin fún àjọ náà láyè láti fi òye tirẹ̀ bu owó-orí lé e.

Òfin kan náà sì fi ẹnu ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ fún díẹ̀ nínú owó ilé. Ẹni tó ń sanwó ilé tó ń gbé lè yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó náà kúrò nínú ohun tí wọ́n máa bu owó-orí lé, ṣùgbọ́n iye tó máa yọ kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Bí oníṣòwò wa bá san ₦1,200,000 fún ilé lọ́dún, ₦240,000 ni yóò yọ, owó-orí rẹ̀ yóò sì dín ní ₦43,200. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ibi tó gbà wọlé. Kò gba inú ìnáwó ọjà kọjá. Nínú ìwé ọjà, owó àmúrelé ló ṣì jẹ́. Nínú fọ́ọ̀mù owó-orí ló ti ní àyè tirẹ̀. Ẹni tó ti fi í pamọ́ sábẹ́ owó ṣọ́ọ̀bù kò ní lè tọ́ka sí i nígbà tí òfin bá fẹ́ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù ni pé owó kéékèèké pọ̀ jù láti kọ. Òótọ́ ni pé kò sí ẹni tó lè dúró kọ̀wé láàárín àwọn oníbàárà ní Òṣòdì. Ṣùgbọ́n báńkì ti bá wa kọ ìlàjì rẹ̀. Bí a bá ń tẹ ohun tí owó wà fún sínú àyè ọ̀rọ̀ nígbà tí a bá ń fowó ránṣẹ́, "béèlì" tàbí "ilé", ìdajì wákàtí ní alẹ́ Sátidé tó láti pín gbogbo álẹ́ẹ̀tì ọ̀sẹ̀ sí ojú mẹ́ta. Èyí tó bá kù tí a kò rántí, bíi ₦100,000 ti onípí-ó-ẹ́ẹ̀sì yẹn, kí a wá rìsíìtì rẹ̀. Bí kò bá sí, kí a kọ ọ́ sí àmúrelé. Mo mọ̀ pé òfin yìí lè pọ́n olójà lójú, torí bí owó náà bá jẹ́ ti ọjà ní tòótọ́, èrè yóò dà bí èyí tó pọ̀ ju bó ṣe rí, owó-orí náà yóò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ó dára ju kí a sọ ọ́ di ìnáwó tí a kò lè jẹ́rìí sí, ìyà díẹ̀ yẹn ni yóò sì kọ́ wa láti béèrè rìsíìtì lóṣù tó ń bọ̀.

Ó ku ohun kan tí ìṣirò kò lè ṣe fún wa. Ẹni tí kò kọ owó àmúrelé rárá ṣì lè wá a rí bí ó bá mọ ojú owó rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin: ₦2,540,000, kí a fi èrè ₦660,000 kún un, kí a yọ ₦2,430,000 tó kù, ₦770,000 ló jáde. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí sọ iye nìkan, kò sọ ẹni tó mú un. Aṣọ tí olójà mú fún ọmọ rẹ̀ láìkọ, aṣọ tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù jí, àti aṣọ tí òjò bà jẹ́ tí wọ́n dà nù, ohùn kan náà ni wọ́n ń fọ̀ nínú ìwé: ọjà kò pé. Bí olójà bá ti kọ tirẹ̀ tán, tí ọjà kò sì pé síbẹ̀, ó mọ ibi tó yẹ kó wò. Bí kò bá kọ tirẹ̀, kò lè mú ẹnikẹ́ni, torí òun náà wà lára àwọn tí a fura sí. Olójà tó ń mú láìkọ ló ń bo olè mọ́lẹ̀.